Ọ̀rọ̀ mi nípa E ọdún kejì yẹn

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń gba ọmọ sí másítà kẹ́mísìrì, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́ọ̀mù yín ní kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ wá kàwé lọ́dọ̀ yín ní Ifẹ̀ àti ohun tí mo ti ṣe bọ̀. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ dídùn tán kí ẹ tó wá ṣí tiránsíkíríìtì kí E kan wá yọjú sí yín níbẹ̀ bíi pé mo fi pamọ́, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì, sẹmẹ́sítà kejì, sáà 2018/2019, físíkà kẹ́mísìrì, yúníìtì mẹ́ta. Máàkì mi 42. Nínú tẹ́ẹ̀sì mo gba 8 nínú 30, nínú ìdánwò mo gba 34 nínú 70. Mo kọjá, kì í ṣe kárí-ófà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe másítà nínú kẹ́mísìrì tó sì gba E níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní tẹmodáínámíìkì, ó yẹ kí ẹ bi í pé kí ló dé.

Kò sẹ́ni tó kú nílé wa. Mi ò ṣàìsàn. Olùkọ́ tó kọ́ wa mọ iṣẹ́ ẹ̀, kì í pa kíláàsì jẹ, àwọn tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà sì gba A àti B. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà níléèwé láàárín ọdún wọ̀nyẹn lè dárúkọ kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì Ásùú, wọ́n sì jàre tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, torí oṣù mẹ́sàn-án gbáko la fi wà nílé ní 2020, a tún jókòó oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ṣùgbọ́n E tèmi ti wà lórí pọ́tàlì iléèwé kí èyíkéyìí nínú ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Mi ò lè gbé e kọ́ wọn lọ́rùn.

Lẹ́sìnnì ni mo ń ṣe. Iléṣà nilé wa, iléèwé tí mo ti gba dìgírì àkọ́kọ́ sì wà ní ìlú míì. Lọ́dún kejì yẹn ìyá ọmọ kan ní Ìjọ̀fì ní kí n máa wá kọ́ ọmọ òun tó ń múra Wáẹ́ẹ̀kì, ó san owó dáadáa, ó sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà sọ fún ẹlòmíì, kí n tó mọ̀ mo ti ní ilé mẹ́ta tí mò ń lọ. Ní Tọ́sìdeè tó bá ti di ọ̀sán mo ti wà ní gáréèjì, màá wọ bọ́ọ̀sì wálé, màá kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màá kọ́ni ní Fúráìdeè àti Sátidé, ó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kí n tó padà. Kíláàsì físíkà kẹ́mísìrì wa sì jẹ́ Tọ́sìdeè agogo méjì ọ̀sán àti Fúráìdeè agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo mọ àkókò yìí kí n tó gba iṣẹ́ ilé kejì, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó gba ilé kẹta.

Owó yẹn kì í sì í ṣe owó oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìyá mi ń fún mi lówó oúnjẹ, kò pọ̀ ṣùgbọ́n kì í dá. Mo kàn fẹ́ kí owó tó jẹ́ tèmi wà lọ́wọ́ mi ni, mo ra fóònù, mo ra aṣọ, inú mi dùn pé mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ fún ara mi pé tí ẹ̀zámù bá ku ọ̀sẹ̀ méjì màá gba nóòtì ọ̀rẹ́ mi, màá há a sórí, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yege ní ọdún kìíní.

Bọ̀dá mi tó dàgbà jù, nígbà tí mò ń kọ ìwé yìí, ní kí n kọ ọ́ pé ìyá wa ṣàìsàn lọ́dún yẹn, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfẹ́ ló mú u sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà láyé, ara ẹ̀ le, ọjọ́ kan ò sì mọ́ lọ́dún yẹn tí kò jí lọ sọ́jà. Mi ò ní dá a dùbúlẹ̀ nínú ìwé kí n lè wọlé.

Mo ṣì rántí ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò yẹn. Wọ́n fún wa ní ìṣesí kan tí ΔH ẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù, wọ́n ní ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀, ká ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ pé rárá, torí pé ó ń gba ooru sínú. Ìlà méjì péré, mo fa igi sí abẹ́ ẹ̀, mo lọ sí ìkẹrin. Mo há ΔG = ΔH − TΔS sórí, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ tí TΔS ń ṣe níbẹ̀, nítorí Tọ́sìdeè tí wọ́n kọ́ ọ, Ìjọ̀fì ni mo wà.

Ìyá mi ń ta omi tútù àti yìnyín lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Nígbà họ́lídè, lẹ́yìn tí èsì ti jáde, mo tẹ̀ lé e lọ láti bá a ru kúlà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já yìnyín sílẹ̀, odidi blọ́ọ̀kù kan, èmi ni mo yẹ kí n fi àpò bò ó mo sì ń tẹ fóònù. Ó pariwo mọ́ mi, ó ní, "Bo nǹkan yẹn o jàre, ooru ti ń wọ̀ ọ́!" Mo wolẹ̀, omi ti ń ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ooru ń wọ̀ ọ́, ó sì ń yọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú u. Ohun tí mo kọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ohun tí ìyá mi ti ń bá jà láti kékeré mi, òun náà ló sì fi rán mi níléèwé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé, mo ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra mi. Kí yìnyín tó yọ́, móòlù kan ń gba nǹkan bíi 6.01 kJ, ẹ́ńtírópì ẹ̀ sì ń lọ sókè ní nǹkan bíi 22 J/K. Nínú fíríísà tó wà ní −10 °C, ìyẹn 263 K, TΔS jẹ́ 5,786 J, kò tó 6,010, ΔG jẹ́ +224 J, yìnyín á dúró. Ní oòrùn ọjà, ká ní 30 °C, ìyẹn 303 K, TΔS ti di 6,666 J, ΔG bọ́ sí −656 J, kò sí àpò tó lè ní kó má yọ́, àpò kàn ń fi falẹ̀ ni. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Kò le. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò le, mi ò kàn wà níbẹ̀ ni.

Mo fi ilé méjì sílẹ̀ nínú mẹ́ta, ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì ni mo dì mú, mo gbé tiẹ̀ sí Sátidé nìkan. Nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa ní 2020 mo ra ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì yẹn láti ojú ewé kìíní, gbogbo ìbéèrè tó wà lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tá a wọlé padà mo lọ bá olùkọ́ yẹn ní ọ́fíìsì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kejì. Wọ́n ní mo mọ̀ pé máàkì mi ò ní yí padà? Mo ní mo mọ̀ sà. Sẹmẹ́sítà kan gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀, èmi ọmọ ọdún kẹta. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí, nígbà tó yá mi ò rí i rò mọ́.

Físíkà kẹ́mísìrì ọdún kẹta, 64. Ti ọdún kẹrin, 73. Mo parí pẹ̀lú 3.86, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà. E yẹn ṣì wà nínú òǹkà yẹn, mi ò sì retí pé kí ẹ yọ ọ́ lọ́kàn yín.

Pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi, èédú tí mo ṣe látara èèpo ẹ̀kùrọ́ ni mo fi ń fa òjé kúrò nínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, 298 K, 308 K, 318 K, kí n lè ya ln K sí 1/T kí n sì rí ΔH níbi tí ìlà yẹn bá ṣe dà gẹ́rẹ́ sí. Àmì kẹta kọ̀, kò bọ́ sórí ìlà. Kò wù mí kí n fi rúlà tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún kọ̀, ìgbà tí mo wá fi tẹmọ́mítà sínú omi gan-an dípò inú bááfù ni mo rí i pé omi ò tíì gbóná tó nígbà tí mo ń da èédú sí i. Mo jẹ́ kó pẹ́ sí i, àmì yẹn bọ́ sílé. Gbogbo ẹ̀ wà nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú èyí tó kọ̀.

Omi tí mo lò, láàbù ni mo ti pò ó, òjé náìtíréètì nínú omi mímọ́. Omi odò kọ́ nìyẹn. Nílé wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lágbègbè Ìtagunmódì, àwọn èèyàn ń wa góòlù, ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti wú, òjò ló ń gbá a lọ sódò. Omi bẹ́ẹ̀ ní ẹrẹ̀, ó ní irin, ó ní oríṣiríṣi tó máa bá òjé du ààyè lára èédú, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èédú mi á ṣì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àbí inú láàbù nìkan ló mọ. Ìdí tí mo fi yan ọ̀dọ̀ yín nìyẹn, yàtọ̀ sí pé Ifẹ̀ sún mọ́ ibi tí màá ti máa bu omi: ẹ ní ẹ̀rọ asáré-átọ́ọ̀mù ní sẹ́ńtà ìwádìí ẹ́nájì tó wà nínú ọgbà yín, tí wọ́n fi ń mọ èròjà tó wà nínú nǹkan, mo sì nílò ẹni tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti tọ́ mi sọ́nà.

Mi ò ní gba iṣẹ́ lẹ́sìnnì kankan ní ọjọ́ tí mo bá ní kíláàsì. Mo ti fi owó pamọ́ láti ìgbà àgùnbánirọ̀, ó tó san owó iléèwé ọdún kìíní, bọ̀dá mi sì ti gbà láti gba ilé fún mi ní Lágere.

Tí ẹ bá pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọdún kejì yẹn sílẹ̀ torí àánú. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kẹta.