Lẹ́tà sí Sìnyọ́ Máàkò: ìdí tí mi ò fi sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì (ìtumọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì)

Bírẹ́ṣà,
Ọjọ́ Ajé

Sìnyọ́ Máàkò,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró ti Màmá yín tí mò ń tọ́jú, ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ẹ ní kí n kọ ìdí tí mi ò fi sí nílé sílẹ̀ kí ẹ tó ṣírò owó oṣù yìí. Òun nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nítorí òun lẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín. Bí mo bá ní kí n fi Ìtálì tèmi ṣàlàyé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa kù sí mi nínú.

Ti Ọjọ́bọ̀ kò le. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ̀ǹda mi. Pẹmẹ́sò mi, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé Ítálì, máa parí ní òpin oṣù Kejìlá, pásípọ́ọ̀tù mi náà sì ti fẹ́ kú. Wọ́n á bèèrè pásípọ́ọ̀tù tó ṣì dára kí wọ́n tó tún pẹmẹ́sò ṣe, Róòmù ni mo sì ti máa rí tuntun gbà. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, èèyàn ò lè rán ẹlòmíràn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi wọ tíréènì, mo gba Fẹróná àti Bolónyà kọjá, mo sì dé ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù kí àsìkò tí wọ́n fún mi tó tó.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kí orúkọ mi tó kàn. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ tíréènì máa dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyẹn tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tíréènì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, èyí tó máa lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tíréènì yẹn ti lọ nígbà tí mo fi dé ibùdó tíréènì Tẹ́mínì. Àwọn tó kù lójú pátákó, CANCELLATO ni wọ́n kọ síwájú wọn. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì ju èmi lọ: wọ́n máa ń jẹ́ kí tíréènì agbègbè rìn láago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ọ̀nà lọ rí ọ̀nà bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi tíréènì agbègbè ti Róòmù dé Bírẹ́ṣà ní wákàtí mẹ́ta?

Mo lọ sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Tibutínà lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ẹni tí tíréènì já sílẹ̀ ló ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìjókòó tó yá jù tí mo rí ni ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta, tó ń gbé àdúgbò Tọpinyatárà ní Róòmù níbẹ̀, ló gbà mí sílé sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ ní Bírẹ́ṣà, ibẹ̀ ni mo sì gbà wá sọ́dọ̀ Màmá tààrà láì kọ́kọ́ yà síbìkankan.

Ẹ sọ pé mo fi Màmá sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, Sìnyọ́ Máàkò. Láti Tẹ́mínì ni mo ti pè yín. Fóònù yín ò wọlé, mo bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáàtísáàpù, ó ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ. Mo pe àbúrò yín obìnrin, òun gbé e. Mo tún pe ìyá tó ń gbé òkè wa, tó di kọ́kọ́rọ́ kejì mú, ó sì lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àpótí oògùn ti kún títí di ọjọ́ Àìkú kí n tó lọ. Mo lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì: èyí tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, èyí tó ń jẹ́ kó sùn lálẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ sí apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ ti omi náà síbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí Màmá mu omi, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ẹ gbé tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin náà máa mu tiyín, á gbé e mu.

Mo mọ̀ pé ẹ pa iṣẹ́ yín tì ní Bẹ́gámò kí ẹ tó lè wá ní ọjọ́ Ẹtì, inú yín ò sì lè dùn sí i. Ẹ ṣeun. Ti pé Màmá ò jẹun lọ́sàn-án, mi ò rò pé àárò mi nìkan ni. Ìrẹsì ni ìyá òkè sè fún un. Màmá kì í fi ìrẹsì sínú omi ọbẹ̀, pasitínà kéékèèké tó dà bí ìràwọ̀ ló máa ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ọjọ́ Àìkú. Ẹ ní kí n fi ọjọ́ Àìkú méjì dí ọjọ́ méjì tí mi ò sí. Mo lọ bi wọ́n ní patironátò, ọ́fíìsì tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, láàárọ̀ yìí, kí n má baà sọ ohun tí mi ò mọ̀. Àdéhùn gbogboogbò tó wà fún àwa òṣìṣẹ́ inú ilé fún èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ yín ní wákàtí 16 lọ́dún, pẹ̀lú owó, fún dókítà àti fún ìtúnṣe pẹmẹ́sò. Ẹ lè sọ pé pásípọ́ọ̀tù kọ́ ni pẹmẹ́sò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe fẹ́ rí ìkejì gbà láìsí ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ka Ọjọ́bọ̀ mọ́ wákàtí wọ̀nyẹn. Ti ọjọ́ Ẹtì, ẹ yọ ọ́ nínú ọjọ́ ìsinmi 26 tí mo ní lọ́dún. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sanwó rẹ̀, mi ò ní bá yín jà.

Ìsinmi ọjọ́ Àìkú ni mi ò lè fi sílẹ̀. Wọ́n ní òfin ò tiẹ̀ jẹ́ kí èmi fúnra mi tà á. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ sí Màmá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ mọ̀ pé màá dúró, mo ti dúró rí. Àfikún 60% ló sì máa ń wà lórí owó irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iye wákàtí ìsinmi kan náà ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a fi ń san gbèsè.

Bí pásípọ́ọ̀tù bá ti dé, màá gbé ìwé pẹmẹ́sò lọ sí pósítọ́fíìsì. Èmi ni màá san gbogbo owó rẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n bá fún mi níbẹ̀ ló máa jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ òfin títí káàdì tuntun á fi jáde, ẹ má fòyà nípa ìyẹn. Wọ́n á kọ ọjọ́ ìtẹ̀ka ní kuẹsitúrà, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, fún mi nígbà náà, ọjọ́ tí mo bá gbà á ni màá fi hàn yín, kí ẹ lè tètè wá ẹni tó máa jókòó ti Màmá.

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi forúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ÍNPÙSÌ, àjọ owó ìfẹ̀yìntì, àti rìsíìtì owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ ti san síbẹ̀ lórí mi. Bí ẹ bá lè mú wọn wá nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á dára. Tíkẹ́ẹ̀tì tíréènì, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àti ìwé àsìkò tí wọ́n fún mi ní Róòmù wà nínú àpòòwé yìí.

Màmá ní kí n kí yín.

Èmi ni,
Fúnmiláyọ̀