Ìdúpẹ́ àti àfikún ọ̀rọ̀ lórí ìdánwò ọjọ́ Ìṣẹ́gun: olùdíje 14

Ẹ káàárọ̀ mà,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ gbogbo ìgbìmọ̀ fún bí ẹ ṣe gbà wá n'Íbàdàn. Èmi ni olùdíje 14, tábìlì kejì, tó ń wá iṣẹ́ alábòójútó àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní Òkè-Ògùn.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe oníṣẹ́jú 40 yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló máa kó ẹ̀gẹ́ oko mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ètò tó wà lójú pátákó nígbà tí agogo dún fi oko Ṣakí sí Ọjọ́bọ̀, torí òun ló jìnnà jù, owó epo sì dín kù lóòótọ́. Àmọ́ ìwé ìbéèrè sọ pé ọjọ́ Ajé ni gbogbo àgbẹ̀ máa hú ẹ̀gẹ́ wọn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí ẹ bá dá a sí méjì, ẹ ó rí ìlà dúdú bí aró nínú ẹran ara rẹ̀, kò sì sí oníléeṣẹ́ gàrí tó máa fẹ́ san owó gidi lé e. Àgbẹ̀ Ṣakí ló máa ru àdánù yẹn, kì í ṣe àwa.

Ohun tí mo ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí agogo dún nìyí: ẹ̀gẹ́ tó ti gbó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i láìbàjẹ́. Kí àgbẹ̀ Ṣakí má tíì hú. Kí a pè wọ́n lórí fóònù nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dájú, kí wọ́n hú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kọṣẹ́ lọ́nà, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún láfún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú fo olùdíje 9. Nígbà tí èmi àti ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, òun ló yíjú sí arábìnrin tó jókòó sí igun, tí kò tíì sọ̀rọ̀, tó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?" Arábìnrin yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé akẹ́rù kò ní lè gba ọ̀nà oko kejì lẹ́yìn òjò ńlá. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ láàárín àwọn àgbẹ̀.

Ẹ béèrè ẹni tó lè gun ọ̀kadà. Mo lè gùn ún, ọjọ́ ìwé àṣẹ mi ò sì tíì kọjá; mo ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ìwé àwọn onídùúró méjì tí ẹ ní ká fi ránṣẹ́.

Ẹ sọ pé èsì máa jáde kí oṣù tó parí. Bó bá já sí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, inú mi á dùn bí ẹ bá lè sọ èrò yín fún mi nípa lẹ́tà oníṣẹ́jú 25 tí mo kọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ìdánwò náà.

Ẹ ṣeun púpọ̀ mà.

Mosúnmọ́lá
Olùdíje 14