Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Sí Onílé Wa Lórí Ẹnu Ọ̀nà Àbáwọlé

Bàbá onílé wa,

Ẹ kú ojúmọ́, sà. Ẹ kú àmójútó ilé. Èmi ni ayálégbé yín tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tó ń lo kẹ̀kẹ́ ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè kí n ṣe ráńpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè, sí ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo fi teèpù wọ̀n wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bí mo bá fẹ́ jáde, àfi kí n bẹ ènìyàn méjì: ọ̀kan á di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, èkejì á di irin ìgbẹ́sẹ̀lé níwájú, wọn á wá máa rọra gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn òjò, ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kejì. Táyà òsì kò kan nǹkan kan mọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ògiri. Èmi kò fara pa, àmọ́ orúnkún rẹ̀ bó. Ẹni tó ń ṣe mí lóore ni, sà, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? Ìta ni mo máa ń jókòó sí títí tí ẹnìkan á fi dé.

Mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kí ráńpù má baà ṣòro jù fún kẹ̀kẹ́ láti gùn ni pé, fún gíga sẹ̀ǹtímítà 1, gígùn rẹ̀ á jẹ́ 12. Gíga tiwa jẹ́ 45, nítorí náà yóò gùn tó mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Fífẹ̀ rẹ̀ á tó mítà 1. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò gbà, àtẹ̀gùn á ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, omi gọ́tà á sì máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀. A ó fi irin ìdìmú sí i, a ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí hárahàra kí táyà má baà yọ̀. Màmá òkè tó ń tẹ̀pá náà á rí i lò.

Èmi ni n ó san gbogbo owó rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí a da kankéré, a lè lo irin tí a fi bóòtù dè, tó ṣeé tú kúrò lọ́jọ́ tí mo bá kó jáde, n ó sì tún ojú ibẹ̀ ṣe.

Bíríkìlà á wà níbí láàárọ̀ Sátidé. Bí ẹ bá lè yọjú, ẹ ó fi ojú ara yín rí ibi tí yóò gbà. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ṣeun, sà.

Èmi ni,
Ayálégbé yín nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún