Àkópọ̀ VAT oṣù Ọ̀tóbà 2024 fún ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀: lẹ́jà títà, lẹ́jà ríra àti bí wọ́n ṣe bára mu

Ẹ káàsán mà, Mọ́mì. Mo ti parí VAT Ọ̀tóbà. Owó tá a máa san jẹ́ ₦270,000, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn sì ni Ọjọ́bọ̀, 21 Nofẹ́ńbà 2024. Ẹ jọ̀ọ́, ₦208,500 tẹ́ ẹ rí lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì yẹn, ẹ má fọkàn sí i rárá, ṣe ni kọ̀ǹpútà kàn mú gbogbo VAT tó wà ní lẹ́jà títà tó sì yọ gbogbo VAT tó wà ní lẹ́jà ríra kúrò nínú ẹ̀, kò mọ èyí tí òfin gbà àti èyí tí ò gbà, kò sì mọ èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo bí 208,500 ṣe di 270,000 wà nísàlẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á mà.

Iye tó máa wọ fọ́ọ̀mù

| Ohun tó jẹ́ | Iye láìsí VAT (₦) | VAT (₦) |
|---|---|---|
| Ọjà tó ní VAT tá a tà (7.5%) | 18,400,000 | 1,380,000 |
| Ọjà tí òfin yọ VAT kúrò lórí ẹ̀ tá a tà | 9,650,000 | 0 |
| Ọjà tá a kó lọ sókè òkun | 0 | 0 |
| Gbogbo títà | 28,050,000 | 1,380,000 |
| VAT orí ọjà tá a rà láti tún tà | 13,800,000 | (1,035,000) |
| Èyí tó ṣẹ́ kù | | 345,000 |
| VAT tí ìjọba ìbílẹ̀ ti yọ nínú owó wa | 1,000,000 | (75,000) |
| Owó sísan | | 270,000 |

Lẹ́jà títà

Ínfóìsì tó jáde lóṣù náà bẹ̀rẹ̀ láti 0362 dé 0447, nọ́ńbà mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún (86), kò sí èyí tó fò. 0409 ni wọ́n fagi lé, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lára búùkù, mo fojú ara mi rí i.

Ọṣẹ, ọṣẹ ìfọṣọ, bisikíìtì àti mínírà wà lábẹ́ V, ìyẹn ọjà tó ní VAT. Ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, mílíìkì àti omi oníke wà lábẹ́ E torí pé oúnjẹ pàtàkì ni òfin pè wọ́n, a ò gba VAT lórí wọn. Mo ka ìlà E níkọ̀ọ̀kan bóyá bisikíìtì kan sá pamọ́ síbẹ̀, kò sí, gbogbo 9,650,000 yẹn mọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni V. Iye ọjà tó wà lábẹ́ V kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan jẹ́ ₦18,960,000, tá a bá wá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ó yẹ ká rí ₦1,422,000, àmọ́ ₦1,407,000 ni òpó VAT gbé jáde. Fọ́múlà tó tú u síta rèé:

```
=SUMIFS(TITA!G:G,TITA!F:F,"V")*7.5%-SUM(TITA!H:H)
```

Ó yẹ kó mú 0 wá, 15,000 ló mú wá. Mo tọ ìlà títí mo fi dé ínfóìsì 0418, ogójì (40) páálí bisikíìtì ní ₦5,000 ọ̀kan, ₦200,000, kọ́sítọ́mà wa kan láti Mọ́kọ́lá ló rà á. Ojú VAT ṣófo pátápátá. Mo bá ṣí sítétímẹ́ǹtì bánkì, ₦215,000 gan-an ni obìnrin náà fi tíránsífà ránṣẹ́, ìyẹn ni pé a ti gba VAT lọ́wọ́ ẹ̀, owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni ò tẹ̀ ẹ́. Mo ti fi ₦15,000 síbẹ̀.

Èkejì ni ínfóìsì 0397, mínírà ₦320,000 tí alásè yẹn gbé fún òde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tọ́jà jáde ní ọjọ́ 11, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tó sanwó ní ọjọ́ 14. Nọ́ńbà kan náà, ọjà kan náà, tíránsífà ₦344,000 ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé. Mo yọ ọ̀kan, VAT ₦24,000 sì bá a lọ. Fọ́múlà tí mo fi ń wá irú ẹ̀ wà ní òpó tó gbẹ̀yìn báyìí, tó bá kọ TRUE, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn:

```
=COUNTIF(TITA!B:B,B2)>1
```

Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ ìfọṣọ tí òtẹ́ẹ̀lì dá padà torí pé ọ̀rá ẹ̀ ti ya, kírẹ́díìtì nóòtù méjì, ₦160,000 àti ₦80,000, VAT wọn ₦18,000. Nóòtù méjèèjì ní nọ́ńbà ínfóìsì tó ti wá lórí, ó pé.

18,960,000 yọ 320,000 yọ 240,000, ó ku 18,400,000. VAT: 1,422,000 yọ 24,000 yọ 18,000, ó ku 1,380,000. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún 18,400,000 náà sì nìyẹn gẹ́lẹ́.

Lẹ́jà ríra

Ibí ni mo ti lo àkókò jù, torí ibí ni èèyàn ti máa ń gba ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ láìmọ̀. ₦1,198,500 ni VAT tó wà ní lẹ́jà ríra, ₦1,035,000 péré la lè gbà padà nínú ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tá a rà ní ₦1,200,000, VAT ẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Òfin VAT tá a ń lò ní 2024 yìí ò gbà ká yọ ọ́, torí pé ọjà tá a rà láti tún tà nìkan ló gbà fún oníṣòwò bíi tiwa. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, owó ńlá ni, àmọ́ kò sọnù, mo ti dà á pọ̀ mọ́ iye jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀ nínú ìwé dúkìá. Àtúnṣe kámẹ́rà, íńtánẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìpolówó, gbogbo ẹ̀ ₦420,000, VAT ₦31,500, bákan náà ni, ìyẹn lọ sínú ìnáwó.

Rìsíìtì mínírà ₦360,000 kan wà tí wọ́n tẹ VAT ₦27,000 sí níwájú. Mo wo bébà náà dáadáa: kò sí TIN lórí ẹ̀, kò sí VAT tá a kọ lọ́tọ̀, "₦387,000, a dúpẹ́" ló kàn wà níbẹ̀. Tí àwọn FIRS bá wá yẹ̀wé wò, wọn ò ní gbà á, mo sì gbà pé wọ́n máa jàre. Mo yọ ọ́ kúrò. Tí ẹni tó tajà náà bá fún wa ní ínfóìsì gidi, a máa gbà á lóṣù mìíràn.

Èyí tó kẹ́yìn, dísítíríbútọ̀ ọṣẹ. Lẹ́jà wa sọ pé a jẹ ẹ́ ní ₦1,930,000, sítétímẹ́ǹtì tí òun fi ránṣẹ́ sọ pé ₦1,715,000. Ìyàtọ̀ ₦215,000. Ẹ̀dínwó ₦200,000 àti VAT ẹ̀ ₦15,000 ni, tí wọ́n fún wa ní ìparí oṣù, kírẹ́díìtì nóòtù náà wà nínú ímeèlì, kò dé lẹ́jà. Gbèsè wa dín kù lóòótọ́, àmọ́ VAT tá a lè gbà padà náà dín kù pẹ̀lú ₦15,000, méjèèjì jọ ń rìn ni.

| | Iye (₦) | VAT (₦) |
|---|---|---|
| Ọjà fún títà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní lẹ́jà | 14,360,000 | 1,077,000 |
| Rìsíìtì tí ò ní TIN | (360,000) | (27,000) |
| Ẹ̀dínwó dísítíríbútọ̀ | (200,000) | (15,000) |
| Èyí tá a lè gbà padà | 13,800,000 | 1,035,000 |
| Jẹnẹrétọ̀ (a ò gbà á) | 1,200,000 | 90,000 |
| Iṣẹ́ àti ìnáwó (a ò gbà á) | 420,000 | 31,500 |
| Ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ | 8,120,000 | 0 |

Ṣé owó tó wọlé bá títà mu?

Àwọn tó jẹ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù jẹ́ ₦2,115,000, títà pẹ̀lú VAT ₦29,430,000, àwọn tó ṣì jẹ wá ní ìparí oṣù ₦3,045,000. Ó yẹ kí ₦28,500,000 wọlé. POS àti tíránsífà mú ₦24,180,000 wá (mo ti dá owó tí bánkì ń yọ lórí POS padà sí i), owó ọwọ́ ₦4,245,000, àpapọ̀ ₦28,425,000. Ó ku ₦75,000.

Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kan ni 75,000, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń wá ínfóìsì mílíọ̀nù kan kiri. 0431 ni, ọṣẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ rà. Wọ́n san ₦1,000,000, wọ́n mú VAT dání láti san án fún FIRS fúnra wọn, bí òfin ṣe ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí owó o, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi àwọn ọmọ yẹn léèrè mọ́.

Ákáǹtì VAT náà bára mu: ₦412,500 ti Sẹ̀tẹ́ńbà tá a san ní 18 Ọ̀tóbà mú un dé òdo, lẹ́yìn náà 1,380,000 wọlé, 1,035,000 àti 75,000 jáde, 270,000 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Láti 208,500 dé 270,000

208,500, a fi 15,000 ti 0418 kún un, a yọ 24,000 ti 0397 àti 18,000 ti òtẹ́ẹ̀lì, ó di 181,500. A dá 27,000 ti rìsíìtì tí ò ní TIN padà, 15,000 ti ẹ̀dínwó, 90,000 ti jẹnẹrétọ̀, 31,500 ti ìnáwó, ó di 345,000. A yọ 75,000 ti ìjọba ìbílẹ̀, ó ku 270,000. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí mi ò mọ ibi tó ti wá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe

Ẹ bá mi pe akápò ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti san ₦75,000 fún FIRS lórúkọ wa àti TIN wa. Tí kò bá tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọjọ́ 20, ₦345,000 ni mo máa fi ránṣẹ́, a ó wá gba 75,000 náà nígbà tí ìwé bá dé. Mi ò ní yọ ọ́ láìsí ìwé.

Èkejì, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé kí n san án láti ákáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Owó tó wà níbẹ̀ tó o, kódà tó bá jẹ́ 345,000. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pẹ́, tá ò bá fi ìwé sílẹ̀ lásìkò, ₦50,000 ni wọ́n ń gbà ní 2024 yìí fún oṣù àkọ́kọ́, ₦25,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, èlé àti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tá ò san ṣì wà lọ́tọ̀.

Lẹ́jà méjèèjì, ẹ̀dà ínfóìsì àti sítétímẹ́ǹtì bánkì wà nínú fáìlì dúdú lórí tábìlì mi. Mo ti bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, ọjọ́ tọ́jà bá jáde nìkan ni wọ́n á máa tẹ ínfóìsì, tí kọ́sítọ́mà bá sanwó, ojú owó wíwọlé ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.