Ẹ̀bẹ̀ fún Àtúnṣe Fíríìjì Tó Bàjẹ́ Nínú Fúláàtì Mi

Fúláàtì òkè, apá ọ̀tún,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Bàbá Onílé wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo ilé. Nítorí fíríìjì ilé ìdáná mi, tí kò mú nǹkan tutù mọ́ láti ìparí oṣù Kẹjọ, ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí yín. Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, ẹ ní kí n ní sùúrù, pé ẹ ó rán oníṣẹ́ yín wá. Nígbà tí n kò rí ẹnikẹ́ni, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù náà. Nígbà tí ẹ sì wá wo ilé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù yìí, mo ṣí i lójú yín, ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ sì gbà pé ó gbóná. Títí di òní, ẹnì kankan kò tíì wá.

Mọ́tò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi, iná tí mo ń rà sí mítà sì ń yára tán, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ kò tutù. Oníṣẹ́ fíríìjì kan láti Kútọ̀ tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé gáàsì rẹ̀ ti jò tán, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá ojú ibi tó ti ń jò kí wọ́n dí i kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún jò. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ náà ti ya. Ó ní ₦45,000 ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà. N kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, torí ohun ìní yín ni.

Fíríìjì yìí wà lára ẹrù tí ìwé àdéhùn wa kà sílẹ̀ pé mo bá nínú ilé, ìwé kan náà ló sì sọ pé onílé ni yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ láìṣe àfọwọ́fà ayálégbé ṣe. N kò tàn án láìsí sítébíláísà rí.

Ẹ̀fọ́ àti ẹja tó ń bàjẹ́ kọ́ ló ká mi lára jù, bí kò ṣe abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí ìyá mi ń gún fún àtọ̀gbẹ. Èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Inú fíríìjì aládùúgbò ni mò ń gbé e sí báyìí, bí wọn kò bá sì sí nílé, n kò lè dé ibẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín dé kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí tó kọjá. Bí kò bá rọrùn fún yín, ẹ fún mi ní ìyọ̀ǹda lórí ìwé kí n tún un ṣe, kí n mú rìsíìtì wá, kí ẹ sì yọ owó náà kúrò nínú owó ilé tó kàn. Mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni ayálégbé yín,
Ìyá Ìbejì.