Èsì sí ìwé ẹ̀sùn yín lórí ìdúró pípẹ́ ní kílíníìkì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà 2025

Ẹ̀ka Ìtọ́jú Aláìsàn Tí Ń Wá Láti Ilé,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà 2025.

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù yìí. Mo kà á, dókítà àgbà ẹ̀ka wa náà kà á, a sì tún kà á sétí gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, láìdárúkọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ohun tí ojú yín rí lọ́dọ̀ wa kò tọ́ sí yín, kò sì tọ́ sí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo yẹ àkọsílẹ̀ wa wò kí n tó kọ̀wé yìí. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe bá a. Ẹ ti Lafenwá dé ọ̀dọ̀ wa ní aago 6:40 òwúrọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà 17 ní aago 7:05. Aago 10:20 la tó rí fódà yín, 10:40 la wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, aago 1:50 ọ̀sán lẹ tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí ẹ fi gba oògùn tán, aago 3:25 ti lù.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, nítorí òun ni ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi Iléyá. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Iléyá ń dé, àwa náà sì mọ̀ pé bí ìsinmi bá ti parí, èrò á ya bò wá. Ó yẹ ká ti múra sílẹ̀. Dókítà mẹ́ta ló yẹ kó jókòó. Wọ́n pe ọ̀kan lọ sí yàrá pàjáwìrì ní nǹkan bí aago 11, kò sì ráyè padà. Ìyẹn fa apá kan ìdúró yín. Àmọ́ wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ fi jókòó kò kan dókítà rárá. Fódà lẹ ń dúró dè. A ti kó fódà àwọn tó yẹ kó wá ní ọjọ́ Ajé jáde kí ìsinmi tó dé, a kò dá wọn padà sórí pẹpẹ, tiyín sì ti há sáàárín wọn. Ọwọ́ wa ni èyí ti wá, Màmá.

Ẹ tún kọ ọ́ pé àwọn tó dé lẹ́yìn yín ń wọlé ṣáájú yín. Òótọ́ ni. Mẹ́rin ni wọ́n. Méjì nínú wọn kò lè mí dáadáa, bó sì ṣe yẹ ká ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún ẹ̀yin tó jókòó. Àwọn méjì yòókù kò ní ìdí kankan ju pé wọ́n mọ ẹnì kan nínú wa. Kò dára. Dókítà àgbà ti bá àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí kì í bá ṣe pàjáwìrì kò ní wọlé ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì á sọ ọ́ fún gbogbo èrò kó tó wọlé.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìwé yín ni ti ebi. A ti ní kí ẹ má jẹun láti aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí a lè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Wákàtí mẹ́jọ ní ó kéré tán ni àyẹ̀wò yẹn ń fẹ́, nítorí náà láàárọ̀ kùtù ló ti yẹ ká gba ẹ̀jẹ̀ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, a ní kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kó tó kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó fi di ọ̀sán gangan, ara yín ti ń gbọ̀n, òógùn ti bò yín, ìyá tó jókòó tì yín ló fún yín ní búrẹ́dì àti mínírà. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ara ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, ó sì léwu gan-an. Òṣìṣẹ́ wa ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yàrá àyẹ̀wò tún ní àwọn kò lè gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ nítorí ẹ ti jẹun.

A ti yí èyí padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ tí dókítà bá ti dá àdéhùn fún aláìsàn ló máa kọ fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò fún un. Bó bá padà wá, yàrá àyẹ̀wò ló máa kọ́kọ́ lọ láàárín aago 7 sí 9, yóò jẹun, kó tó wá jókòó de dókítà. Fódà àwọn tó ní àdéhùn náà, ọjọ́ tó ṣáájú la ó máa wá a jáde, a ó sì kà á ní alẹ́ ká lè mọ èyí tí kò sí. Bí ìdádúró bá wà, ẹnì kan á máa jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó fà á àti nọ́ńbà tó kàn. Ní ti iye dókítà, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé wọn á pọ̀ sí i láìpẹ́. Ìdúró á ṣì wà, pàápàá lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ tún dúró nínú òkùnkùn.

Nọ́ọ̀sì tó sọ fún yín pé, “Màmá, ẹ jókòó, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàìsàn,” kò jiyàn. Ó ní òun sọ ọ́. Ó fẹ́ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbà. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí i, a ò ní fi dandan lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje, ní aago 7:30 òwúrọ̀. A ó gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ṣúgà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tí ẹ sì sinmi, a ó tún ẹ̀jẹ̀ ríru yín wọ̀n, nítorí ebi àti àárẹ̀ lè ti gbé èyí tí a wọ̀n lọ́jọ́sí ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ṣe jẹun láti aago mẹ́wàá alẹ́, àmọ́ ẹ lè mu omi lásán. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárọ̀ bí ẹ ṣe ń lò ó, kí ẹ sì mú oògùn ṣúgà dání, ẹ̀yìn oúnjẹ lẹ ó lò ó. Ẹ gbé oúnjẹ yín wá pẹ̀lú. Bí ara bá tún fẹ́ máa gbọ̀n yín nílé kó tó dọjọ́ náà, ẹ tètè mu nǹkan dídùn, kí ẹ sì wá lójú ẹsẹ̀ láìdúró de àdéhùn kankan.

Bí èsì yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fún yín láṣẹ láti sọ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn nínú ìtọ́jú, kò sì ní ṣàkóbá fún bí a ó ṣe tọ́jú yín. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ kìíní, ẹ béèrè mátírónì lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Mátírónì tó ń bójú tó ẹ̀ka náà.