Ìdánrawò: Ìbéèrè Márùn-ún Lórí Ẹni Tó Jókòó Pẹ́ Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ní. Ẹ pa ìwé dé. Ìbéèrè 3 wà lábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Àwọn yòókù wà lábẹ́ Òfin Gbèdéke Ìpẹjọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì sí ilẹ̀ ẹbí kankan nínú wọn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ̀nà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ìdájọ́ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ kò dára, ibẹ̀ ni mo máa ń ká yín mọ́ jù.

1. Àdìó ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, ó gba ìwé àṣẹ tí gómìnà fọwọ́ sí, ó sì kọrí sí Kánádà. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, Tàfá, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ náà ká, ó gbé géètì sí i, ó fi àgádágodo há a, ó sì kọ́lé sínú rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọdún 2015 ni Àdìó tó gbọ́. Oṣù kẹfà ọdún 2022 ló pẹjọ́. Lọ́yà Tàfá sì kọ ọ̀rọ̀ gbèdéke sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀. Kí ni kóòtù máa ṣe?

A. Yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí ọdún 7 péré ló wà láàárín 2015 sí 2022.
B. Yóò gbọ́ ọ, nítorí ìwé gómìnà borí gbogbo ẹjọ́.
D. Yóò dá a nù, nítorí ó ti lé ní ọdún 12 tí wọ́n ti gba ilẹ̀ mọ́ Àdìó lọ́wọ́.
E. Yóò dá a nù, nítorí ilé Tàfá ti gbówó lórí ju ilẹ̀ lọ.

2. Nígbà tí Ìyá Ṣadé ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2001, ó sọ fún Gàníyù, ọmọ àbúrò rẹ̀, pé: "Máa gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ mi ní Àjà, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà rò pé kò lẹ́ni." Gàníyù fi wáyà ká a, ó ń dáko síbẹ̀. Màmá fẹ̀yìn tì, ó dé lọ́dún 2021. Gàníyù ní ọdún 12 ti kọjá, ilẹ̀ ti di tòun.

A. Gàníyù kò jàre, nítorí àṣẹ onílẹ̀ ló fi wà níbẹ̀.
B. Ó jàre, ogún ọdún ju méjìlá lọ.
D. Ó jàre, owó rẹ̀ ló fi ra wáyà.
E. Kò jàre, nítorí ẹbí kì í lo gbèdéke mọ́ ẹbí.

3. Lọ́dún 1962, ìdílé onílẹ̀ kan lágbègbè Iléṣà fún bàbá Àkànjí ní ilẹ̀ kó fi dáko kòkó. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu mẹ́fà àti akèrègbè ẹmu kan lọ fún olórí ẹbí náà. Bàbá kú, Àkànjí gba oko. Láti 1995, kò gbé nǹkan kan lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í. Lọ́dún 2023, ó ta apá kan, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni.

A. Ilẹ̀ ti di tirẹ̀ láti 2007, nígbà tí ọdún 12 pé.
B. Ó ti di tirẹ̀, nítorí onílẹ̀ dákẹ́ nígbà tí kò san ìṣákọ́lẹ̀.
D. Ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó tà á. Ìdílé lè kó géńdé lọ lé e.
E. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn dáko ló ṣì jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé lè ní kí kóòtù gbà á padà.

4. Rájí wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 2003, ó mọ fẹ́ǹsì. Lọ́dún 2010 ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò fi ẹnì kankan sílẹ̀. Fẹ́ǹsì wó, igbó bò ó. Lọ́dún 2012, Múrí, tí kò mọ Rájí rí, wọlé ní tirẹ̀. Onílẹ̀ pẹjọ́ lọ́dún 2018.

A. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún onílẹ̀: ọdún 7 ti Rájí àti 6 ti Múrí jẹ́ 13.
B. Kò tíì pẹ́ jù: láti 2012 ni kí a kà á.
D. Ó ti pẹ́ jù: 2003 sí 2018 jẹ́ ọdún 15.
E. Kò tíì pẹ́ jù: a kì í da ọdún ẹni méjì pọ̀ láé.

5. Bọ̀dé, mẹkáníìkì, ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2006. Ó ní rìsíìtì owó ilẹ̀ lóríṣiríṣi. Ìjọba pẹjọ́ lọ́dún 2021.

A. Ẹjọ́ ìjọba ti pẹ́ jù, ọdún 12 ti kọjá.
B. Kò pẹ́ jù, nítorí gbèdéke kì í mú ìjọba.
D. Kò pẹ́ jù, nítorí ọdún 20 ni ti ìjọba.
E. Ó ti pẹ́ jù, nítorí ìjọba ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌDÁHÙN

1: D. Oṣù kẹta 2020 ni ọdún 12 pé. A kùnà nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn dé Kánádà. Bí Tàfá bá ti lo ẹ̀tàn láti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi fẹ́ǹsì àti géètì pamọ́? B kùnà nítorí pé ẹni tó ní ìwé gan-an ni òfin yìí ń bá wí. Bí gbèdéke bá kọjá, ẹ̀tọ́ tí ìwé náà ń jẹ́rìí sí ti parẹ́. E dé ibi tó tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kò dáa: ahéré tí kò ju páànù mẹ́rin lọ ì bá wà níbẹ̀, ìdájọ́ kan náà ni. Ẹ sì má fo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú ìtàn náà. Bí lọ́yà Tàfá kò bá kọ ọ́, adájọ́ kò ní bá a kọ ọ́.

2: A. Àṣẹ àti ìjókòó àìgbàṣẹ kì í gbé inú ilé kan náà. B ka ọdún láìbéèrè bó ṣe wọlé. D: wáyà náà ń ṣọ́ ilẹ̀ fún ẹni tó rán an níṣẹ́. E ni ọ̀pọ̀ yín máa mú, torí pé ó dùn létí, ṣùgbọ́n òfin kò yọ ẹbí sílẹ̀. Bí Gàníyù bá ti fi ipá wọlé láìgbàṣẹ, ọdún 12 ì bá ṣiṣẹ́ fún un.

3: E. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun, gbígbà yẹn náà sì ni ọmọ rẹ̀ jogún. Ìdí nìyẹn tí iṣu mẹ́fà yẹn fi ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ: ẹ̀rí ni. A gbé gbèdéke Èkó lọ sínú oko Iléṣà. B súnmọ́ òótọ́ jù lọ, torí pé kóòtù lè di ọwọ́ onílẹ̀ tó dákẹ́ nígbà tí àjèjì ń náwó sórí ilẹ̀ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kàn fojú fo ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, àánú ni wọ́n ṣe é. Kò sọ ọ́ di onílẹ̀. D ní ọ̀rọ̀ gidi nínú: ẹni tó bá sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tirẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Àmọ́ kóòtù ló ń gbà á, kì í ṣe géńdé, adájọ́ sì lè ṣàánú rẹ̀.

4: B. Nígbà tí igbó bo ilẹ̀, kò sẹ́ni tí onílẹ̀ lè pè lẹ́jọ́, nítorí náà aago padà sí òdo. A fo ọdún méjì tó ṣófo. D ka ọdún méjì náà mọ́ ọn, ó tún burú jù. E ní ìdájọ́ tó tọ́, ṣùgbọ́n "láé" yẹn ló bà á jẹ́: bí Rájí bá ti fa kọ́kọ́rọ́ lé Múrí lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ilẹ̀ ṣófo, ọdún wọn ì bá so pọ̀.

5: D. Títí di 2026 ni ìjọba ní. A fi gbèdéke aráàlú wọn ìjọba. B kùnà nítorí pé ìjọba náà ní gbèdéke, tirẹ̀ kàn gùn ni. E: rìsíìtì ń fi hàn pé ó sanwó, kò gé ọdún kankan kúrò nínú ogún.